Ojú Ìwé Wo Ló Wà?

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè tó le kí àwọn olùdánwò gan-an tó bi í, pàápàá jù lọ akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ìwé òfin orílẹ̀-èdè kan wé ti òmíràn láti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ìdánrawò kan ṣoṣo ni mo fẹ́ rò fún yín. Inú rẹ̀ ni mo ti rí i bí àpilẹ̀kọ tó kún fún ìmọ̀ òfin ṣe lè máà ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró nígbà tí wọ́n bá béèrè ọ̀nà tí ó gbà ṣe ìwádìí.

Ọmọbìnrin kan ló kọ àpilẹ̀kọ náà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mo sì ti yí nǹkan díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Ẹ̀tọ́ ọmọdé sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló kọ̀wé lé lórí, ní Nàìjíríà, ní Íńdíà àti ní Gúúsù Áfíríkà. Ìwé òfin tiwa kọ ẹ̀kọ́ sí Orí Kejì, lára ohun tí ìjọba gbọ́dọ̀ máa lépa, ṣùgbọ́n abala 6(6)(c) sọ pé kóòtù kò gbọdọ̀ gbọ́ ẹjọ́ lórí rẹ̀. Ìwé òfin Íńdíà náà ní irú orí bẹ́ẹ̀, abala 37 sì sọ ohun kan náà fún kóòtù tiwọn. Síbẹ̀, ní 1993, nínú ẹjọ́ Unni Krishnan, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Íńdíà sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlá ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí ìyè ló bí i. Níhìn-ín, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti sọ ní 1981, nínú ẹjọ́ Okogie, pé Orí Kejì kò lágbára níwájú kóòtù. Gúúsù Áfíríkà ní tirẹ̀ kọ ẹ̀kọ́ tààrà sáàárín ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn nínú ìwé òfin 1996. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ wa fa yọ nínú gbogbo èyí ni pé àwọn adájọ́ Íńdíà láyà, àwọn tiwa kò láyà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìdánwò la jókòó. Mi ò fara mọ́ ìdánrawò tí wọ́n ń ṣe nígbà tí ìdánwò bá ku ọ̀la, nítorí pé ihò tí ẹ bá rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀rù ni yóò kàn dá sí ọmọ lára. Kò sí àyè àtidí i mọ́. Àwa mẹ́ta la ṣe olùdánwò. Èmi mọ òfin àwọn orílẹ̀-èdè náà. Ẹnì kejì jẹ́ onímọ̀ òṣèlú, kì í ṣe agbẹjọ́rò rárá, mo sì dìídì bẹ̀ ẹ́ wá ni, torí pé irú wọn ló máa ń béèrè ohun tí àwa amòfin ti gbà láàárín ara wa láìjiyàn. Ẹnì kẹta jẹ́ adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, bàbá àgbà. Orí tó sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà ìwádìí àti orí ìparí nìkan la fún un kà, nítorí báyìí gan-an ni olùdánwò tí ọwọ́ rẹ̀ dí ṣe máa ń kàwé nígbà tí ọjọ́ bá kúrú. Alábòójútó ọmọ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n a ti bẹ̀ ẹ́ kó má gbèjà. Ìwé àti bírò la gbé lé e lọ́wọ́. Ó fa ìlà sí ìwé náà sí ọ̀nà mẹ́ta: ìbéèrè, ohun tí ọmọ fi dáhùn, àti ojú ìwé tí ìdáhùn wà nínú àpilẹ̀kọ. Bí ọmọ bá ti dáhùn tán, ọ̀kan nínú wa yóò béèrè pé, “Ojú ìwé wo ló wà?” Bí ìdáhùn bá dùn létí ṣùgbọ́n tí kò sí nínú ìwé, alábòójútó á fi àyè ẹ̀kẹta sílẹ̀ lófìfo. Àwọn òfìfo yẹn ni iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà.

Onímọ̀ òṣèlú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Kí ló dé tó fi jẹ́ orílẹ̀-èdè mẹ́ta yìí?”

Ọmọ náà ti múra sí i. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ló ṣàkóso àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí, wọ́n ń kọ ìdájọ́ wọn ní èdè tí òun gbọ́, àwọn ìdájọ́ náà sì gbajúmọ̀ káàkiri àgbáyé.

“Ìdí tó fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn lo sọ fún mi un,” ni onímọ̀ òṣèlú fèsì. “Ìdí tí ìfiwéra náà fi lè fi nǹkan hàn ni mo ń béèrè.”

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ nínú ẹ̀ka ìmọ̀ yìí. Ran Hirschl kọ àròkọ kan jáde ní 2005, ó fi ẹ̀sùn kàn wá, àwa tí a ń fi ìwé òfin wéra, pé a máa ń mú orílẹ̀-èdè bí ẹni mú ẹja tó lórúkọ jù lórí àtẹ, tí a óò sì wá máa sọ pé báyìí ni nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀ níbi gbogbo. Bí a bá fẹ́ sọ pé ohun kan ló fa òmíràn, ó ní àwọn ọ̀nà tí a fi ń yan orílẹ̀-èdè. Ọ̀kan ni pé kí a mú méjì tó jọra nínú ohun gbogbo tó ṣeé ṣe kó fa àbájáde, àyàfi nínú ohun kan, kí a wá wò ó bóyá ohun kan yẹn ló ya àbájáde wọn sọ́tọ̀. Íńdíà àti Nàìjíríà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá èyí mu: àwọn méjèèjì jẹ́ orílẹ̀-èdè alápapọ̀ tó jogún òfin Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì kọ nípa ẹ̀kọ́ jọra. Ṣùgbọ́n Gúúsù Áfíríkà kò bá a mu. Ọ̀rọ̀ inú ìwé òfin tiwọn yàtọ̀ pátápátá. Bí kóòtù ibẹ̀ bá dá ọmọ ilé-ìwé láre, ẹ kò lè mọ̀ bóyá àyà ni adájọ́ ní tàbí ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ ló kàn kà jáde.

“Kí wá ni Gúúsù Áfíríkà ń ṣe nínú ìwé rẹ?” ni mo bi í.

Ó ní fún àfikún àpẹẹrẹ ni. Alábòójútó fi àyè ẹ̀kẹta sílẹ̀ lófìfo.

Lẹ́yìn náà ni onímọ̀ òṣèlú yẹn béèrè ohun tí mo rò pé ó dára jù ní gbogbo ọjọ́ yẹn. “Gánà ńkọ́?” Orílẹ̀-èdè tó wà nítòsí wa, tí òun náà jogún òfin Gẹ̀ẹ́sì, tí ìwé òfin 1992 tirẹ̀ sì ní orí ohun tí ìjọba gbọ́dọ̀ máa lépa gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Ní 2008, nínú ẹjọ́ tí àwọn onílọ́tìrì gbé lọ, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Gánà sọ pé kí a gbà pé orí náà ṣeé gbé wá sí kóòtù, àyàfi bí ọ̀rọ̀ inú abala kan bá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Gánà kò kọ gbólóhùn tó ti ilẹ̀kùn kóòtù bíi ti abala 6(6)(c) sínú tiwọn. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bí ó bá jẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ló ya Gánà sọ́tọ̀ sí wa, a jẹ́ pé àyà adájọ́ kọ́ ni a ó kọ́kọ́ wò. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kò tíì ka ẹjọ́ Gánà. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìwé tó kà ló sọ fún un pé Íńdíà àti Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n máa ń fi wé Nàìjíríà, ó sì tẹ̀ lé ẹsẹ̀ àwọn tó ṣáájú. Ìyẹn náà sì jẹ́ ọ̀nà tí a fi ń yan orílẹ̀-èdè, bí a kò tilẹ̀ mọ̀ pé a ti yàn.

Bàbá adájọ́ ni ó kàn. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, nínú ẹjọ́ Okogie, ta ló mú Orí Kejì wá sí kóòtù?”

Ó ní àwọn olùpẹjọ́ ni, bàbá.

“Ǹjẹ́ o ka ìdájọ́ náà, àbí ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lo kà?”

Iyàrá dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ti mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn, èmi náà ti bọ́ sínú rẹ̀ rí, àánú ọmọ náà sì ṣe mí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó ni pé ìjọba ìpínlẹ̀ fẹ́ pa ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni rẹ́ ní 1980. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Okogie àti àwọn mìíràn gbé wọn lọ sí kóòtù, wọ́n ní ó tẹ ẹ̀tọ́ àwọn lójú. Ìjọba ló wá di Orí Kejì mú bí asà: wọ́n ní ìwé òfin pa á láṣẹ fún àwọn láti pèsè ẹ̀kọ́ tó dọ́gba fún gbogbo ọmọ. Kóòtù dáhùn pé Orí Kejì kò lè borí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tó wà ní Orí Kẹrin. Kì í ṣe òbí tálákà kan ló wá bẹ kóòtù pé kó rán ọmọ òun lọ sílé-ìwé tí kóòtù sì lé e padà. Ẹjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ṣe ẹ̀rí pé adájọ́ wa kò láyà jẹ́ ẹjọ́ tí adájọ́ ti dí ìjọba lọ́nà.

Bàbá kò tíì tán. Ó ní ohun tó jọ èyí ti ṣẹlẹ̀ ní Íńdíà ní 1951. Nínú ẹjọ́ Champakam Dorairajan, ìjọba Madras pín àyè ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn àti ti ẹnjiníà fún ẹ̀yà ìran àti ẹ̀sìn kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì di orí ohun tí ìjọba gbọ́dọ̀ lépa mú láti gbèjà ara wọn. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé orí yẹn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lẹ́yìn ni, kò lè ṣáájú rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn rẹ̀, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tiwa gba ojú ọ̀nà kan náà nínú Okogie.

“Bí ọmọ bá ń rìn bí ìyá rẹ̀,” ni bàbá wí, “ṣé a lè kà wọ́n sí ẹlẹ́rìí méjì tó mọ ìrìn yẹn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀?”

Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn mọ ìbéèrè yìí dáadáa. Francis Galton ló béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Edward Tylor ní London ní 1888: bí àwùjọ méjì bá ní àṣà kan náà, báwo la ṣe mọ̀ pé ìdí kan náà ló fa á níbi méjèèjì, tí kì í ṣe pé ọ̀kan yá a lọ́wọ́ èkejì? Nínú iṣẹ́ wa, ìbéèrè Galton kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé yíyá ni ìwé òfin ń rìn. Íńdíà yá orí yẹn lọ́wọ́ Ayálándì, tó kọ tirẹ̀ sínú ìwé òfin 1937. Àwọn tó kọ ìwé òfin wa ní 1979 sì wo ti Íńdíà. Ẹni tó bá fi Íńdíà àti Nàìjíríà wéra gbọ́dọ̀ sọ ohun tí Nàìjíríà yá kó tó sọ ohun tí Nàìjíríà yàn fúnra rẹ̀. Ohun tí mo máa ń wò nìyí bí mo bá gba irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀: mo máa ń wá ìdájọ́ ilẹ̀ òkèèrè tí adájọ́ tọ́ka sí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá kà wọ́n jáde, mo mọ̀ pé kò tíì béèrè.

Ẹjọ́ 1951 yẹn ló ṣílẹ̀kùn ìbéèrè tó mì wá jù. Èmi ni mo béèrè rẹ̀, mi ò sì mọ bí ìdáhùn rẹ̀ yóò ṣe rí. Mo ní, “Íńdíà ọdún wo lo fi wé Nàìjíríà ọdún wo?” Ó fi Íńdíà 1993 wé Nàìjíríà 1981. Íńdíà 1993 ti lo ìwé òfin rẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlélógójì. Nàìjíríà 1981 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lo tirẹ̀ ní ọdún kejì. Àgbàlagbà àti ọmọ ọwọ́ ló gbé lé òṣùwọ̀n kan náà.

A mú ìwé, a ṣírò rẹ̀ níbẹ̀, ẹ sì jẹ́ ká jọ ṣe é. Ìwé òfin 1979 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Àwọn ológun gbàjọba ní ọjọ́ ìkẹyìn 1983. Ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́ta nìyẹn. Ìwé òfin 1999 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2017, Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá dájọ́ nínú ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò LEDAP pè. Adájọ́ ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama kékeré ti di ẹ̀tọ́ tí kóòtù lè fi ipá gbà, nítorí pé ilé aṣòfin ti fi òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ gbogbogbò 2004 sọ Orí Kejì di ohun tó ṣeé mú lò. Láti 1999 sí ọjọ́ yẹn jẹ́ ọdún mẹ́tàdínlógún àti oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ pa á pọ̀ mọ́ ti ìṣáájú: ọdún méjìlélógún géérégé lábẹ́ ìjọba alágbádá. Ìwé òfin Íńdíà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1950. Ọdún méjìlélógún tirẹ̀ pé ní oṣù kìíní 1972. Ní 1972, kò sí kóòtù tó ga jù ní Íńdíà tó tíì sọ pé ẹ̀kọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́. Ó ku ogún ọdún kí ẹjọ́ Mohini Jain tó sọ ọ́ ní 1992.

Ọmọ náà wo nọ́ńbà yẹn títí. Bí a bá kà á báyìí, Nàìjíríà ló yá, Íńdíà ló pẹ́.

Mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí ohun tó tẹ̀ lé e, nítorí pé níbẹ̀ ni ìdánrawò máa ń bàjẹ́. Inú akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dùn pé òun rí ọ̀rọ̀ tuntun sọ, á sì gbé e gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lọ síwájú olùdánwò. A kò jẹ́ kó gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Bàbá adájọ́ sọ pé ilé-ẹjọ́ gíga kì í ṣe ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ; ìdájọ́ Àbújá kò de gbogbo kóòtù Nàìjíríà bí Unni Krishnan ṣe de ti Íńdíà. Mo ní ọ̀nà méjèèjì yàtọ̀: adájọ́ Íńdíà rí ẹ̀tọ́ náà nínú ọ̀rọ̀ ìyè, adájọ́ Àbújá gba ọwọ́ ilé aṣòfin, ọ̀nà tí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tiwa ti là sílẹ̀ ní 2002 nígbà tí ìjọba Oǹdó pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́ lórí òfin ìgbógunti ìwà ìbàjẹ́. Onímọ̀ òṣèlú ní kí ló dé tí ọdún ológun kò fi wọ ìṣirò? Kóòtù kò tì nígbà náà, àwọn adájọ́ sì ń kàwé. Ó tún rán wa létí ìwé tí Charles Epp kọ ní 1998, tó ní kí ẹ̀tọ́ tó gbilẹ̀ ní kóòtù, ó gbọ́dọ̀ ní agbẹjọ́rò, ẹgbẹ́ àti owó tí yóò máa gbé ẹjọ́ wá léraléra. Ta ló wà lẹ́yìn ẹjọ́ Àbújá? Ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ mélòó ló wà ní Èkó ní 1981? Ìbéèrè tó ṣeé wádìí nìyẹn, ó sì gba ipò tí “láyà” wà tẹ́lẹ̀. Ta ni yóò fi òṣùwọ̀n wọn àyà ẹnìkan?

Ìbéèrè ìkẹyìn kò gba àkókò. Mo bi í pé nígbà tó bá sọ pé Gúúsù Áfíríkà “ṣe dáadáa”, kí ló kà? Ìdájọ́ ni ó kà. Mo rán an létí Limpopo ní 2012: kóòtù pàṣẹ ní oṣù karùn-ún pé kí ìwé kíkà dé ilé-ìwé ó pẹ́ jù, ọjọ́ 15 oṣù kẹfà. Ọjọ́ náà kọjá, ìwé kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn ọmọ náà. Bí àpilẹ̀kọ bá ń ka ìdájọ́, kó sọ pé ìdájọ́ lòun ń kà. Bí ó bá ń ka ìwé tó dé ọwọ́ ọmọ, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, yóò sì gba ẹ̀rí mìíràn.

Ìwé alábòójútó ní ìbéèrè mọ́kànlá. Méje nínú wọn kò ní ojú ìwé.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa kò tún àpilẹ̀kọ náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tó bẹ́ẹ̀. Ó tún orí ọ̀nà ìwádìí kọ, ó yọ gbólóhùn kan kúrò ní orí ìparí, ó sì gbé Gúúsù Áfíríkà lọ sí orí tí yóò ti dáhùn ìbéèrè tirẹ̀, ìyẹn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí kóòtù bá ti dájọ́. Gánà wọlé ní ojú ìwé mẹ́fà, ó sì kọ ìdí rẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀. Orí ọ̀nà ìwádìí tó ní gbólóhùn kan tẹ́lẹ̀, pé ìwé òfin àti ìdájọ́ ni òun yẹ̀ wò nílé ìkàwé, wá ní ojú ìwé mọ́kàndínlógún. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ bí ó ṣe rí àwọn ìdájọ́, ọ̀rọ̀ tó fi wá wọn, ọdún tó ti bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí sí, àti àwọn ìdájọ́ tó mọ̀ pé wọ́n wà ṣùgbọ́n tí kò rí ẹ̀dà wọn gbà. Mo ka apá ìkẹyìn yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

A tún jókòó lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́rin, fún ìdajì wákàtí péré. Onímọ̀ òṣèlú yẹn tún béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́. Ọmọ náà dáhùn, kò pẹ́. Bàbá wá bi í pé bí Kẹ́ńyà bá já sí òdì sí ohun tó sọ ńkọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀. “Mi ò yẹ Kẹ́ńyà wò, bàbá,” ló wí. “Ojú ìwé kọkànlélógójì ni mo ti sọ bẹ́ẹ̀, mo sì sọ irú àbájáde tí yóò bi èrò mi wó níbẹ̀.” Bàbá ṣí i, ó kà á sínú, ó sì kọjá sí ìbéèrè tó kàn.